Standard, Movie àbí sRGB: ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí àwòrán lójú mọ́nítọ̀ yín

Fọ́tò ọmọ kékeré kan ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà wọ súwẹ́tà pupa, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì bà lé e lójú dáadáa. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ tẹ fọ́tò náà jáde ní ńlá, wọ́n ní kí n bá àwọn tún un ṣe. Alẹ́ ni mo jókòó tì í. Lójú mọ́nítọ̀ mi, pupa súwẹ́tà yẹn ń ta yòò débi pé n kò rí ìlà òwú tí wọ́n fi hun ún mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà sì pọ́n bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Mo dín àwọ̀ rẹ̀ kù, mo tún dín in kù sí i, títí ojú mi fi gbà á. Mo fi fáìlì náà ránṣẹ́, mo lọ sùn.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ìyá ọmọ fi kọ̀wé sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ojú ọmọ wa tó rí bí eérú báyìí?” Mo ṣí fọ́tò náà lórí fóònù tèmi, òótọ́ ló sọ. Ojú ọmọ ti ṣì, súwẹ́tà rẹ̀ ti dà bíi bíríkì tí òjò ti pa fún ọdún mẹ́wàá. Mo padà sídìí mọ́nítọ̀, fọ́tò kan náà sì dára níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ bọ́tìnì abẹ́ mọ́nítọ̀, tí mo rí i pé orí `Movie` ló wà. Mo ti wo fíìmù ní ọjọ́ méjì ṣáájú, mi ò sì dá a padà.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ipò àwòrán mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù lórí mọ́nítọ̀, kí ẹ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí padà gan-an, àti bí ẹ ṣe lè fi ojú ara yín dán an wò láìra ẹ̀rọ kankan.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni pé inú mọ́nítọ̀ ni ipò àwòrán ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ gba inú okùn: fún ojú àmì kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán, nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, láti 0 dé 255. Mọ́nítọ̀ ló máa wá pinnu bí pupa 196 ṣe máa rí lójú. `Standard`, `Movie` àti `sRGB` jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta tí mọ́nítọ̀ lè gbà túmọ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Ẹ lè rí i báyìí. Ẹ ṣí fọ́tò kan, kí ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú bọ́tìnì tí a fi ń yà á. Ẹ yí mọ́nítọ̀ sí `Movie`, kí ẹ tún ya òmíràn. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà kò mọ ohun tí mọ́nítọ̀ ṣe lẹ́yìn tí nọ́ńbà ti jáde lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin-iṣẹ́ tí a fi ń mu àwọ̀ nínú ètò àtúnṣe fọ́tò, nọ́ńbà inú fáìlì ló ń kà, kì í ka ojú mọ́nítọ̀. Èyí ló jẹ́ kí n rí àṣìṣe mi kedere lọ́jọ́ náà. Mo mu àwọ̀ súwẹ́tà nínú fọ́tò tí wọ́n fún mi, ó jẹ́ 196, 32, 41. Mo mu ibì kan náà nínú èyí tí mo tún ṣe, ó ti di 160, 62, 67. Pupa ti lọ sílẹ̀, àwọn méjì yòókù ti gòkè wá bá a. Bí nọ́ńbà mẹ́ta bá ṣe ń sún mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ń sún mọ́ eérú. Mọ́nítọ̀ mi ń ki àwọ̀ ní àkìjù, èmi náà sì ń bu omi là á nínú fáìlì. Lójú tèmi méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Lójú ẹni tí mọ́nítọ̀ tirẹ̀ kò ki àwọ̀, omi nìkan ló kù.

Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí

`Standard` ni èyí tí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ń bá jáde láti inú páálí. Kò sí ìwé òfin kankan tó sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ẹni tó ṣe mọ́nítọ̀ ló yàn án. Ohun tí ẹ máa ń bá níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, tó sábà máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ nínú yàrá lọ, funfun tó máa ń gbé búlúù díẹ̀, àti àwọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó lọ dé ibi tí agbára gíláàsì mọ́nítọ̀ náà mọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́nù ló ṣí sílẹ̀ fún yín: ẹ lè yí ìmọ́lẹ̀, ẹ lè yí funfun, ẹ lè yí gámà.

`Movie` náà kò ní òfin. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ, torí a máa ń rò pé bí ẹni tó ṣe fíìmù ṣe rí i ló máa fi hàn wá. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ki àwọ̀ sí i, ó ń jẹ́ kí dúdú túbọ̀ dú, ó ń mú kí etí nǹkan mú ṣáṣá, nígbà mìíràn ó sì ń tan ohun kan tí mẹ́nù ń pè ní `Dynamic Contrast` tàbí `DCR`. Ìyẹn ni pé iná ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ á máa lọ sókè sódò fúnra rẹ̀ bí àwòrán bá ṣe ń mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn. Mọ́nítọ̀ kan lè jẹ́ kí funfun rẹ̀ gbóná sí àwọ̀ ìyeyè, òmíràn á gbé e lọ sí búlúù. Nítorí náà, ohun tí `Movie` ń ṣe lórí tèmi lè má jẹ́ ohun tó ń ṣe lórí tiyín, ẹ óò ní láti wò ó fúnra yín.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, `sRGB` nìkan ló ní ìwé òfin lẹ́yìn. Iléeṣẹ́ Hewlett-Packard àti Microsoft ló dá a lábàá ní 1996, International Electrotechnical Commission sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999 pẹ̀lú nọ́ńbà IEC 61966-2-1. Ìwé náà sọ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù wo gan-an ni 255 ń tọ́ka sí. Ó sọ irú funfun tí funfun gbọ́dọ̀ jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní D65, tí mẹ́nù mọ́nítọ̀ máa ń kọ sí `6500K`. Ó sọ bí àwọ̀ àárín ṣe gbọ́dọ̀ wà láàárín dúdú àti funfun, ohun tí a ń pè ní gámà, tó sún mọ́ 2.2. Ó tún sọ pé kí ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ jẹ́ káńdẹ́là 80 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń lò ó lóde òní sábà máa ń gbé e sókè díẹ̀ sí 100 tàbí 120.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé èdè yìí kan náà ni ìkànnì ayélujára ń sọ. Àwọ̀ tí a kọ sínú ojú ewé ìkànnì lọ́nà bíi `#c42029`, sRGB ni. Fọ́tò tí kò ní àmì àwọ̀ kankan nínú, sRGB ni wọ́n gbà pé ó jẹ́. Tí mọ́nítọ̀ yín bá wà lórí `sRGB` tó sì ń ṣe é dáadáa, ẹ ń rí ohun tí nọ́ńbà inú fáìlì sọ, láìsí àfikún, láìsí àyọkúrò.

Ó níbi tí ìyàtọ̀ yìí ti ń tóbi gan-an: orí mọ́nítọ̀ tí ààlà àwọ̀ rẹ̀ fẹ̀. Lára páálí wọn ni ẹ ti máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ó ń dé ìdá bíi 90 tàbí 95 nínú ọgọ́rùn-ún `DCI-P3`, ìyẹn ààlà àwọ̀ kan tó fẹ̀ ju ti sRGB lọ. Pupa tí irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ lè tàn jìnnà ju pupa sRGB lọ. Tí kọ̀ǹpútà bá wá fi 255, 0, 0 ránṣẹ́ sí i nígbà tó wà lórí `Standard`, kò mọ̀ pé pupa sRGB ni a ní lọ́kàn, pupa tirẹ̀ tó jìnnà jù lọ ló máa tàn. Gbogbo àwọ̀ á nà bí rọ́bà. Iṣẹ́ ipò `sRGB` lórí mọ́nítọ̀ yìí ni láti fà wọ́n padà wá sínú ààlà. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yí i síbẹ̀, ó máa dà bíi pé mọ́nítọ̀ yín ti kú. Ẹ fún ojú yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Lórí mọ́nítọ̀ tí ààlà àwọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín `Standard` àti `sRGB` lè máà ju funfun àti ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ẹ múra sílẹ̀ kí ẹ tó dán an wò

Ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ ti wà ní títàn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí ìmọ́lẹ̀ àti funfun rẹ̀ máa ń yí díẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àwọn nǹkan mìíràn tó ń yí àwọ̀, kí ẹ má bàa di ẹ̀bi wọn ru ipò àwòrán. Lórí Windows, `Night light` ni àkọ́kọ́. Lórí Mac, `Night Shift` àti `True Tone`. Ẹ pa `HDR` náà, nítorí tó bá wà ní títàn, ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ máa ń ti ìlẹ̀kùn mẹ́nù ipò àwòrán pa pátápátá, ẹ óò máa tẹ bọ́tìnì lásán. Nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wá ohun tó ń dín iná kù láti fi pa owó iná mọ́ àti èyí tó ń dín búlúù kù fún ojú, kí ẹ pa àwọn náà.

Ẹ wá ṣí mẹ́nù mọ́nítọ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì tàbí ọ̀pá kékeré tó wà lábẹ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá lè jẹ́ `Picture Mode`, `Preset Modes`, tàbí `Color`. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ iye ìmọ́lẹ̀, `Contrast`, `Gamma` àti `Sharpness` tó wà nínú ipò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bébà yìí máa wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí mọ́nítọ̀ púpọ̀ ni kì í sọ ohun tó yí. Ẹ óò kàn rí i pé `Sharpness` tó jẹ́ 50 nínú `Standard` ti di 70 nínú `Movie`.

Ojú ewé ìdánwò kan

Ẹ kọ èyí sínú fáìlì kan, ẹ pè é ní `idanwo.html`, kí ẹ sì ṣí i nínú bíráúsà:

```html
<body style="margin:0;background:#000">
<div style="width:300px;height:300px;background:repeating-linear-gradient(#000 0 1px,#fff 1px 2px)">
<p style="margin:0 100px;height:300px;background:#bcbcbc"></p></div>
<p style="width:300px;height:99px;background:#0a0a0a"></p>
<p style="width:300px;height:99px;background:linear-gradient(90deg,#e60000 50%,#ff0000 50%)"></p>
</body>
```

Ẹ rí i dájú pé bíráúsà wà ní 100%, kí ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà náà sì jẹ́ 100%, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ìlà tó wà lókè á dàrú, ìdánwò náà á sì parọ́ fún yín.

Àpótí tó wà lókè ni ti gámà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ìlà dúdú kan, funfun kan, dúdú kan, funfun kan, tín-ín-rín. Ẹ sún sẹ́yìn títí ẹ kò fi ní lè dá àwọn ìlà náà mọ̀ mọ́, wọ́n á sì di eérú kan ṣoṣo. Eérú yẹn jẹ́ ìdajì ìmọ́lẹ̀ funfun, torí ìdajì rẹ̀ tàn, ìdajì kò tàn. Àárín rẹ̀ ni mo fi `#bcbcbc` sí, tó jẹ́ 188 nínú 255. Ìdí tí kò fi jẹ́ 128 ni pé nínú sRGB, 128 kì í ṣe ìdajì ìmọ́lẹ̀, kò ju bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. 188 ló ń gbé ìdajì. Nítorí náà, lórí `sRGB` tó dára, àárín àti ẹ̀gbẹ́ máa ń parapọ̀, ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ààlà wọn. Tí àárín bá ṣókùnkùn ju ẹ̀gbẹ́ lọ, gámà ipò yẹn ga ju bó ṣe yẹ. Tó bá mọ́lẹ̀ jù, ó kéré. Ẹ dúró gangan níwájú mọ́nítọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wò ó, torí lórí irú gíláàsì kan, kí ẹ kàn tẹ orí wálẹ̀ báyìí, ohun tí ẹ ń rí á yí.

Èyí tó wà láàárín ni ti òkùnkùn. Àpótí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dú ni, 10 nínú 255, lórí dúdú pátápátá. Nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó yẹ kí ẹ rí i bí òjìji. Tí ẹ bá yí sí `Movie` tó sì pòórá, ipò yẹn ń gbé òkùnkùn mì. Ohun tó máa sọnù ni irun dúdú lórí aṣọ dúdú, àti gbogbo ohun tó fara pamọ́ sínú òjìji nínú fọ́tò.

Ìsàlẹ̀ ni pupa méjì, 230 lápá òsì, 255 lápá ọ̀tún. Ìlà kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Lórí mọ́nítọ̀ tèmi, nígbà tó wà lórí `Movie`, àwọn méjèèjì di ọ̀kan: ó ti ki àwọ̀ títí ó fi kan òrùlé, kò sì sí ibi tí 255 lè lọ mọ́ kó fi ju 230 lọ. Ohun tó gbé ìlà òwú súwẹ́tà ọmọ yẹn lọ nìyẹn. Òwú náà wà nínú fáìlì látìbẹ̀rẹ̀, mọ́nítọ̀ ni kò fi hàn mí.

Fún `Dynamic Contrast`, ẹ kò nílò fáìlì kankan. Ẹ ṣí ojú ewé funfun kan kó gba gbogbo ojú mọ́nítọ̀, kí ẹ wá dín fèrèsé rẹ̀ kù di kékeré lórí ẹ̀yìn dúdú. Ẹ tẹjú mọ́ funfun kékeré náà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tó bá ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tàbí tó ń gòkè fúnra rẹ̀, iná ẹ̀yìn ló ń rìn yẹn. Ẹnikẹ́ni tó ń tún fọ́tò ṣe lórí mọ́nítọ̀ tí iná rẹ̀ ń rìn, orí ilẹ̀ tó ń mì ló ń kọ́lé sí.

Ti etí nǹkan rọrùn: ẹ wo lẹ́tà dúdú lórí eérú. Tí ẹ bá rí ìlà funfun tín-ín-rín tó yí lẹ́tà ká, `Sharpness` ti pọ̀ jù.

Nígbà tí `sRGB` bá ti ìlẹ̀kùn

Ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú nípa `sRGB` ni pé mọ́nítọ̀ máa ń ti mẹ́nù pa níbẹ̀. Ẹ kò ní lè yí funfun, ẹ kò ní lè yí gámà, lórí àwọn kan ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò ṣeé yí. Ti funfun àti gámà kò yọ mí lẹ́nu, torí kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i kúrò lórí òfin ni wọ́n ṣe tì í. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé yí, nítorí yàrá kò dọ́gba. Ẹ mú bébà funfun kan, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé funfun lórí mọ́nítọ̀. Tí mọ́nítọ̀ bá dà bí àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, ó ti mọ́lẹ̀ jù. Fọ́tò tí ẹ bá tún ṣe níbẹ̀ á ṣókùnkùn nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Tí bébà bá mọ́lẹ̀ ju mọ́nítọ̀ lọ, ó ti rẹ̀ jù.

Tí ìmọ́lẹ̀ `sRGB` yín bá jẹ́ èyí tí a tì pa, tí kò sì bá yàrá yín mu, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ yí iná yàrá dípò mọ́nítọ̀: ẹ ta kọ́tìnnì, tàbí kí ẹ tan gílóòbù tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀. Ìkejì, ẹ padà sí `Standard` tàbí `User`, ẹ yan `6500K` fún funfun, 2.2 fún gámà, ẹ dá `Sharpness` padà sí ibi tí ìlà funfun kò ti yí lẹ́tà ká mọ́, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù títí á fi bá bébà dọ́gba. Lórí mọ́nítọ̀ tí ààlà àwọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀, èyí máa ń gbé yín súnmọ́ sRGB gan-an. Lórí èyí tó fẹ̀, kò tó, torí pupa á ṣì jìnnà jù. Àfi tí mẹ́nù bá ní ibi tí ẹ ti lè yan ààlà àwọ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n sábà máa ń pè ní `Color Space` tàbí `Color Gamut`.

Ibòmíràn tí nǹkan ti máa ń dàrú ni fáìlì tó ń ṣàpèjúwe mọ́nítọ̀ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí `.icc` tàbí `.icm`. Fáìlì yẹn sọ fún ètò fọ́tò pé, “Mọ́nítọ̀ yìí ń ki pupa báyìí, nítorí náà dín in kù kí o tó fi ránṣẹ́.” Tí ó bá ń ṣàpèjúwe mọ́nítọ̀ bó ṣe wà lórí `Standard`, tí ẹ sì wá gbé mọ́nítọ̀ lọ sí `sRGB`, ètò fọ́tò á dín pupa kù, mọ́nítọ̀ náà á tún dín in kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á fi omi la àwọ̀ kan náà. Àmì rẹ̀ ni pé fọ́tò kan ṣoṣo máa ṣì nínú ètò fọ́tò, ṣùgbọ́n nínú ètò lásán tí kì í ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, á dára. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú `R`, kí ẹ kọ:

```
colorcpl
```

Ẹ yan mọ́nítọ̀ yín, kí ẹ wo fáìlì tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ máa lo ipò `sRGB`, `sRGB IEC61966-2.1` ló yẹ kó jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé.

Fíìmù ńkọ́?

Ẹ máa rò pé mo máa ní kí ẹ yí sí `Movie` tí ẹ bá fẹ́ wo fíìmù. Rárá. Fíìmù àti fídíò HD lásán, èyí tí kì í ṣe HDR, orí òfin kan tó ń jẹ́ BT.709 ni wọ́n ń ṣe é sí, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù àti funfun òfin náà sì ni sRGB yá lò. Ìyàtọ̀ tó wà kò ju ti gámà lọ: inú yàrá tó ṣókùnkùn ni wọ́n ti ń parí fíìmù, pẹ̀lú gámà tó wà ní 2.4, bí BT.1886 ti 2011 ṣe sọ. Nítorí náà, `sRGB` máa ń sún mọ́ ohun tí olùdarí fíìmù rí ju `Movie` ti ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ alẹ́, tí ẹ sì ti paná, tí mọ́nítọ̀ yín ní ipò `User` tí gámà rẹ̀ ṣeé gbé sí 2.4, tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì ki, ìyẹn tún dára ju méjèèjì lọ.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lo `Movie` mọ́. Tí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù tí koríko pápá tó ki sì tẹ́ yín lọ́rùn, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹ fi ojú tó ti mọ́ `Movie` lára pinnu àwọ̀ ohun tí ẹlòmíràn máa wò.

`Standard` náà ní ibi tó dára sí. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ìwé kíkọ, ìṣirò, kóòdù, tí ìmọ́lẹ̀ yàrá sì pọ̀, ẹ lò ó, kí ẹ ṣáà dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí ti bébà, kí ẹ sì gbé funfun rẹ̀ kúrò lórí búlúù. Àwọn tó ń tún fídíò HDR ṣe, tàbí fọ́tò tí wọ́n fẹ́ kó dé àwọ̀ tó kọjá sRGB, kò gbọ́dọ̀ wà lórí `sRGB` rárá, torí ohun tí wọ́n ń wá ni mọ́nítọ̀ ń gé kúrò.

Bí mo ṣe parí fọ́tò yẹn

Mo ju èyí tí mo ti tún ṣe nù, mo padà sí èyí tí wọ́n fún mi. Mo yí mọ́nítọ̀ sí `sRGB`, mo lọ bu omi mu kí ojú mi lè gbà á, mo padà wá. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: fọ́tò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má nílò ohunkóhun. Òwú súwẹ́tà ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà kò pọ́n. Mo kàn dín ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó bà lé iwájú orí rẹ̀ kù díẹ̀, mo fa òjìji lẹ́yìn rẹ̀ sókè díẹ̀. Súwẹ́tà tó jẹ́ 196, 32, 41 ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wò ó lórí fóònù, mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kó tó di pé mo fi ránṣẹ́. Ó yàtọ̀ díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń rí, ṣùgbọ́n níbi gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ yá ni.

Mo wá wọ mẹ́nù mọ́nítọ̀ mi lọ, níbi tí wọ́n ti ń yan iṣẹ́ fún bọ́tìnì, tí tèmi ń pè ní `Shortcut Key`, mo gbé `Picture Mode` sórí bọ́tìnì àkọ́kọ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á kọ orúkọ ipò tí mo wà sí ìsàlẹ̀ igun ọ̀tún fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Èmi kì í ṣí fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́ kí n tó tẹ bọ́tìnì yẹn.